Ọmọ Alámọ̀ àti Àkàbà: Bí A Ṣe Tún Ìrìn Fíìmù Kékeré Kan Ṣe

Iṣẹ́ náà kò gùn. Ọmọ kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ rìn wọlé láti apá òsì, ó gbé àkàbà léjìká. Ó fi àkàbà náà ti òṣùpá tí wọ́n fi bébà gé, ó sì na ọwọ́ sókè láti fọwọ́ kàn án. Ìkùukùu bébà ń kọjá lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 6 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn férémù 144, nítorí férémù 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò sí amọ̀ gidi níbẹ̀, kò sì sí bébà kankan: inú ètò kọ̀ǹpútà Blender ni ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe é ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ń fẹ́ ni pé kí ó jọ sítọ́pù-móṣọ̀n, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó ti tábìlì, ó ń fọwọ́ sún ère díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìsún kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá wo ẹ̀dà àkọ́kọ́, gbólóhùn kan ló sọ: “Ó dà bí fídíò tó ń há.” Ọ̀dọ́kùnrin náà bá gbé e wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́ di méjì-méjì bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí. Kí ló tún kù tí mi ò ṣe?”

Méjì-méjì tó ń wí yìí ni pé fọ́tò kan máa ń dúró fún férémù méjì kí òmíràn tó gba ipò rẹ̀. Fọ́tò 12 ló máa wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 24. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó dá iṣẹ́ sí ìdajì, ojú èèyàn sì máa ń gbà á. Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe ni pé ó kọ́kọ́ mú ọmọ náà rìn bọ̀rọ́, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń mú nǹkan rìn: ó fi kíì sí ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kọ̀ǹpútà sì dí àárín wọn fún un. Lẹ́yìn náà ló wọ `Graph Editor`, tó fi `Stepped Interpolation` sórí gbogbo ìlà ìrìn, `Step Size` 2, `Offset` 1, kí férémù 1 àti 2 lè jẹ́ fọ́tò kan, kí 3 àti 4 sì jẹ́ òmíràn. Ó fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa lọ bọ̀rọ́, ó ní òun kò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ta gìrì jù. Ó wá fi àtẹ̀ka sí ara amọ̀, ó mú kí bébà máa gbọ̀n díẹ̀, ó sì mú kí iná máa ṣẹ́jú.

Tí a bá gbé àwọn ìpinnu yìí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu nínú wọn. Àpapọ̀ wọn ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo pa ohùn, mo ń fi bọ́tìnnì ọfà lọ láti férémù kan sí èkejì, mo sì ń bi ara mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló yí padà láàárín férémù yìí àti èyí tó ṣáájú rẹ̀? Lórí tábìlì gidi, tí fọ́tò kan bá ń dúró fún férémù méjì, kò yẹ kí ohunkóhun yí padà nínú férémù kejì, ì báà jẹ́ ọwọ́, ì báà jẹ́ iná, ì báà jẹ́ òjìji. Fọ́tò kan náà ni. Láàárín fọ́tò méjì ni ọwọ́ èèyàn ti ń wọlé láti sún nǹkan. Nínú iṣẹ́ ọ̀dọ́kùnrin yìí, kò sí férémù kan tí nǹkan kò yí padà. Kámẹ́rà ń sún ní gbogbo férémù. Àtẹ̀ka ara amọ̀ ń yí padà ní férémù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2, 4, 6, ọmọ náà sì ń yí ìdúró padà ní 3, 5, 7. Ìdúró nìkan ló wà ní méjì-méjì. Gbogbo àwòrán lódindi ṣì ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa férémù kò lè ṣàlàyé rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ rí i pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ ṣe irú èyí.

Ọwọ́ tó nà sí òṣùpá ni mo kọ́kọ́ fà jáde, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà wà. Kíì ìbẹ̀rẹ̀ wà ní férémù 97, kíì ibi tí ìka ti kan òṣùpá sì wà ní 110. Ṣùgbọ́n `Stepped Interpolation` tó lò ń ka ipò ọwọ́ ní férémù 97, 99, 101, títí dé 109 àti 111. Ní 109, ìka kò tíì dé ibẹ̀. Ní 111, ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí padà sẹ́yìn. Férémù 110 kò hàn rárá. Ìyẹn ni pé nínú fíìmù tí gbogbo kókó rẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan fọwọ́ kan òṣùpá, kò sí férémù kan tí ìka ọmọ náà ti kan òṣùpá! Bí mo ṣe fi hàn án, ó dákẹ́, ó tún un wò, ó ní, “Háà, ẹ̀gbọ́n, mo sì ti ń wò ó láti àárọ̀.”

Èyí kì í ṣe àṣìṣe nọ́ńbà lásán tí a kàn lè sún kíì sí 111 kí ó sì parí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a gé ìrìn bọ̀rọ́ sí wẹ́wẹ́ àti kí a fọwọ́ tò ó ni. Ìrìn bọ̀rọ́ máa ń yára díẹ̀díẹ̀, ó máa ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìsún inú rẹ̀ sì tẹ̀ lé ìlà kan tó tẹ́jú. Tí a bá mú fọ́tò 12 nínú rẹ̀, ìlà náà ṣì wà lábẹ́, ojú sì ń rí i bí ìrìn kọ̀ǹpútà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ ní méjì-méjì. Oníṣẹ́ ère tó jókòó ti tábìlì kò ní ìlà kankan. Ó mọ ibi tí ọwọ́ wà nísinsìnyí, ó mọ ibi tó ń lọ, ó ń fojú díwọ̀n ìsún tó kàn. Nítorí pé fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń ná an ní àkókò, kì í fi ṣòfò lórí ìdúró tí kò sọ nǹkan kan. Ó máa mú kí ère dúró pẹ́ ní ibi tó ṣe pàtàkì, kí ó sì gba àárín kọjá kíákíá.

A yọ `Stepped Interpolation` kúrò lórí ọmọ náà pátápátá. A yan gbogbo kíì rẹ̀, a tẹ `T`, a mú `Constant`, tí kọ̀ǹpútà kò fi ní dí àárín kankan mọ́: ìdúró tí a bá fi kíì sí ni yóò máa wà títí kíì mìíràn yóò fi dé. Lẹ́yìn náà la tún ọwọ́ náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní férémù 97, ọmọ náà ń wo òṣùpá, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ní 99, ọwọ́ rẹ̀ sún sísàlẹ̀ díẹ̀, èjìká rẹ̀ rì, bí ẹni tó ń mura láti nà. Ìdúró yìí wà bẹ́ẹ̀ títí dé 104. Láti 105 dé 107, ọwọ́ gòkè nínú ìdúró mẹ́ta, férémù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 108, ìka kan òṣùpá, ó sì dúró síbẹ̀ títí dé 114. Ní 115, a padà sí méjì-méjì.

Ibi tí ọ̀dọ́kùnrin náà ti bá mi jiyàn nìyí. Ó ní, “Tí a bá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún férémù mẹ́ta, ṣé kò ní dàpọ̀ mọ́ ìrìn kọ̀ǹpútà?” Rárá o. Àwọn oníṣẹ́ ère gan-an máa ń bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí nǹkan bá ń yára, torí pé ní méjì-méjì, ọwọ́ tó ń sáré lè ní fọ́tò kan péré láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí yóò wá dà bí ẹni pé ó poora níhìn-ín, tó yọ lọ́hùn-ún. Ohun tó ń mú ìrìn amọ̀ dáni lójú ni bí ìdúró gígùn àti ìsún kíákíá ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn láìdọ́gba. Nọ́ńbà 12 kò ní agbára kankan nínú ara rẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò sí ẹni tó ṣiyèméjì pé amọ̀ ni, mo sì ti rí èyí tí wọ́n sọ di 8 tí ó kàn dà bí ẹ̀rọ tó ti rẹ̀.

Ọ̀ràn ìbàìbàì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí kámẹ́rà lásán bá ya nǹkan tó ń sáré, àwòrán rẹ̀ máa ń fà, nítorí nǹkan náà ń rìn lọ nígbà tí ojú kámẹ́rà ṣì là. Ère amọ̀ kò rìn nígbà tí wọ́n ń yà á. Ó dúró gbọn-in. Nítorí náà fọ́tò kọ̀ọ̀kan máa ń mọ́ kedere, bí ó ti wù kí ère náà máa sáré tó. Nínú fíìmù Dragonslayer tó jáde ní 1981, Phil Tippett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Industrial Light & Magic lo mọ́tò láti sún dírágónì díẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà ń yà á lọ́wọ́, kí ìbàìbàì yẹn lè wà níbẹ̀, torí pé àwọn kò fẹ́ kó jọ ère. Àwa ń fẹ́ kó jọ ère, nítorí náà a pa `Motion Blur` kúrò. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti fi í sílẹ̀ ní títàn láìmọ̀, férémù tí ọwọ́ ti ń fò láti ìdúró kan sí èkejì sì ní òjìji ọwọ́ méjì nínú.

Pípa á fa ìṣòro mìíràn. Nínú férémù mẹ́ta tí ọwọ́ fi gòkè, ó ń sún tó píksẹ́lì 90 lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí 40 lọ. Ojú kò rí ọwọ́ kan tó ń gòkè mọ́. Ó rí ọwọ́ mẹ́ta tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n tí èmi máa ń lò ni pé kí ìdúró tuntun ṣì fẹnu kan ibi tí èyí tó ṣáájú wà. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí a na amọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí a ṣe nìyẹn: ní férémù 106, a fa apá ọmọ náà gùn sí apá ibi tó ń lọ, a mú un tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fọwọ́ fa amọ̀. Tí o bá dá fíìmù dúró síbẹ̀, apá náà burú láti wò. Nígbà tí ó bá ń lọ, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Kámẹ́rà ló kàn, ibẹ̀ sì ni “fídíò tó ń há” ti wá ní tòótọ́. Láti férémù 1 dé 72, kámẹ́rà ń bá ọmọ náà lọ bó ṣe ń rìn. Ó ń sún píksẹ́lì 8 ní férémù kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń sún 16 ní férémù méjì-méjì. Lójú ìṣirò, wọ́n bára mu. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó hàn lójú fèrèsé àwòrán. Ní férémù 1, ọmọ náà wà ní àárín gan-an. Ní férémù 2, kámẹ́rà ti sún 8, ọmọ náà kò tíì sún, nítorí náà ó bọ́ sẹ́yìn píksẹ́lì 8. Ní férémù 3, ó fo 16, kámẹ́rà sún 8 sí i, ọmọ náà padà sí àárín. Ní férémù 4, ó tún bọ́ sẹ́yìn. Ọmọ tó yẹ kó dúró sí àárín àwòrán wá ń fì síwá sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mejìlá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní bọ̀rọ́ kí àwòrán má bàa ta gìrì.

A fi `Stepped Interpolation` sí kámẹ́rà nìkan, `Step Size` 2, `Offset` 1 kan náà, kó lè máa sún ní 1, 3, 5, ní àkókò kan náà tí ọmọ ń yí ìdúró padà. Gígé ìlà bọ̀rọ́ sí wẹ́wẹ́ kò burú fún kámẹ́rà, torí lórí tábìlì gidi, orí ìrin tó ní àmì ìwọ̀n ni wọ́n ti ń sún un, ìsún rẹ̀ sì máa ń dọ́gba. Ẹ̀rọ ni kámẹ́rà, ère ni ọmọ. Ìrìn wọn kò gbọ́dọ̀ jọra. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí kámẹ́rà máa lọ bọ̀rọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dandan, kó mú ère náà bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá fi ń bá a lọ. Ohun tí àwọn tó ń fọwọ́ ṣe é náà ń ṣe nìyẹn, wọ́n sì ń kérora sí i, nítorí iṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì.

Nípa ara amọ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà ti ṣe dáadáa nínú ohun kan: ó mọ̀ pé àtẹ̀ka oníṣẹ́ máa ń wà lára amọ̀, àti pé wọ́n máa ń yí padà. Ó lo `Noise Texture` onípele `4D` láti fi gbẹ́ ìgbẹ́kùgbẹ́ kékeré sí ara ọmọ náà, ó sì kọ èyí sínú àpótí `W`, nọ́ńbà tó ń pààrọ̀ ìgbẹ́kùgbẹ́ náà nígbàkigbà tó bá yí padà:

```
#floor(frame/2)
```

Ìdí tí àtẹ̀ka fi ń yí padà ní férémù 2, 4, 6 nìyẹn. Férémù 1 pín sí méjì, tí a bá sọ ọ́ sísàlẹ̀, òdo ni. Férémù 2 di 1. Férémù 3 náà di 1. Férémù 2 àti 3 ni ètò yìí ń kà sí fọ́tò kan, nígbà tí ìdúró ọmọ ń ka 1 àti 2. Àtúnṣe rẹ̀ kò le:

```
#floor((frame-1)/2)
```

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Gbogbo ara ọmọ náà ṣì ń hó, láti orí dé ẹsẹ̀, ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà tó dúró tí kò ṣe nǹkan kan. Amọ̀ gidi kì í hó lásán. Ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ bá kàn ni yóò yí padà: tó bá tẹ ìgúnpá láti gbé apá, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ni yóò ní àtẹ̀ka tuntun, àyà yóò sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tó bá pààrọ̀ ẹnu, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa yí padà. Nígbà tí ìdúró bá wà láìyí, kò sí ọwọ́ tó kàn án, nítorí náà kò sí ìdí kankan tí àtẹ̀ka fi máa yí padà.

A pín ara ọmọ náà sí márùn-ún: orí, àyà, apá ọ̀tún, apá òsì, àti ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ní `W` tirẹ̀. A yọ ìwé àṣẹ òkè yẹn kúrò pátápátá, a sì fi kíì `Constant` sí `W` apá kọ̀ọ̀kan ní férémù tí apá yẹn bá yí ìdúró padà. Láti 99 dé 104 tí ọmọ náà ń mura, kò sí ohun kan tó yí padà lára rẹ̀. Láti 105 dé 108, apá ọ̀tún nìkan ló ń gba àtẹ̀ka tuntun. Ìwọ̀n ìgbẹ́kùgbẹ́ náà la tún dín kù. Bí ère yẹn bá jẹ́ ohun gidi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, àtẹ̀ka rẹ̀ kò lè jìn tó mìlímítà kan. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó mú kí ọmọ náà dà bí òkúta ńlá tí a rí láti òkèèrè. Ìwọ̀n tó tóbi jù lára ohun kékeré ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí irú iṣẹ́ yìí, kódà nínú àwòrán kan ṣoṣo tí kò rìn.

Bébà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti mú kí ìkùukùu máa lọ bọ̀rọ́ sí apá ọ̀tún, ó wá fi ìgbọ̀n kékeré lé e. Ìgbọ̀n kọ̀ǹpútà máa ń yí ká ibì kan: ó lọ sápá ọ̀tún díẹ̀, ó padà, ó lọ sápá òsì díẹ̀, ó padà. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ sún bébà ní mìlímítà 4, tí mo wá sún un ní 5, ibi tó wà yìí ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ìsún tó kàn. Mi ò ní dá a padà. Àṣìṣe ìsún kan á wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e, ìkùukùu á máa yára díẹ̀, á máa falẹ̀ díẹ̀, kò sì ní yí ojú padà sẹ́yìn láé. Tí bébà bá ń gbọ̀n lójú kan, bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ń gbọ̀n ọ́n.

Ìsún rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ́kùnrin náà ní kí a fi ìkùukùu sí mẹ́ta-mẹ́ta kó lè falẹ̀ ju ọmọ lọ. Èrò náà dára, nọ́ńbà rẹ̀ ni kò ṣeé lò. Tí fọ́tò bá ń yí padà ní 1, 3, 5, 7, báwo ni ìkùukùu ṣe máa sún ní férémù 4? Kò sí fọ́tò tuntun níbẹ̀. Mẹ́rin-mẹ́rin ló lè bá a mu: 1, 5, 9. Ìwé àṣẹ kékeré yìí ló fi kíì sí i, tí àṣìṣe ìsún kọ̀ọ̀kan fi ń wọ inú èkejì:

```python
import bpy, random
o = bpy.context.object
x = o.location.x
for f in range(1, 145, 4):
    o.location.x = x
    o.keyframe_insert("location", index=0, frame=f)
    x += random.uniform(0.010, 0.014)
```

Ìdúró 36 ló jáde nínú rẹ̀. A tún yan gbogbo kíì náà, `T`, `Constant`. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ìkùukùu kan tàbí méjì díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn, ní ibi tó bá wù ú. Ẹni tó ń sún bébà mẹ́rin lórí tábìlì máa ń ṣèèṣì yí ọ̀kan.

Òjìji ló mú kí bébà náà di bébà lójú. Tẹ́lẹ̀, ìkùukùu àti òṣùpá kò ní òjìji lórí ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n dà bí àwọ̀ tí a kùn. Àṣà kan wà tí kò nílò òjìji rárá: nínú fíìmù tí Lotte Reiniger gbé jáde ní 1926, iná ń tàn láti ìsàlẹ̀ bébà dúdú tó gé, òjìji gan-an ni gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí iná bá ti òkè wá, bí ó ṣe wà nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tó ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ ju òjìji sí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. A gbé òṣùpá síwájú ojú ọ̀run díẹ̀, ìkùukùu síwájú òṣùpá, a sì fi iná kan ṣoṣo sí òkè apá òsì, kí gbogbo òjìji lè ṣubú sí apá kan náà. A tẹ etí ìkùukùu kan sókè: níbẹ̀, òjìji rẹ̀ fẹ̀, ó sì rọ̀; níbi tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú.

Iná tó ń ṣẹ́jú kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Nínú iṣẹ́ gidi, ọ̀kan lára ohun tó ń fà á ni pé ihò inú lẹ́ǹsì kámẹ́rà kì í ṣí sí ìwọ̀n kan náà gan-an nígbà gbogbo tí a bá ya fọ́tò, nítorí náà fọ́tò kan á mọ́ ju èkejì lọ díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ máa ń lo lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fọwọ́ yí kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀. Wọn kò fẹ́ ẹ rárá. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi í sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń yí padà ní gbogbo férémù. A mú un wá sí ìdá 1, ó ń yí padà pẹ̀lú fọ́tò tuntun nìkan, lórí gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Tí èèyàn bá lè tọ́ka sí i, ó ti pọ̀ jù.

Nígbà tí a tún un gbé jáde, mo padà sí bọ́tìnnì ọfà àti ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Férémù 2 bá férémù 1 mu ní gbogbo ọ̀nà. 4 bá 3 mu. Ní 105 dé 108, ohun tuntun wà ní gbogbo férémù, bó ṣe yẹ. Láàárín 108 àti 114, ọmọ náà dúró gbọn-in, ìkùukùu nìkan ló sún ní 109 àti 113, iná sì yí padà díẹ̀ ní férémù méjèèjì yẹn, torí pé fọ́tò tuntun ni. Ohun kan ṣẹ́kù tí n kò fẹ́ràn: àkàbà náà dúró lórí èjìká ọmọ bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá ń sún ère tó gbé e. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá kò rí i, àkókò sì ti ń lọ. A fi í sílẹ̀.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pe ọ̀dọ́kùnrin náà pé òun wò ó lórí tẹlifíṣàn ńlá, ó sì ti padà di bọ̀rọ́, ó ń yọ̀ bí epo. Kò sí ohun tó yí padà nínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tuntun ní ètò kan tó ń fi àwòrán tí ó dá ṣe sáàárín férémù méjì kí ìrìn lè tẹ́jú, irú fíìmù yìí ló sì máa ń bà jẹ́ jù lọ. Ó ń dá gbogbo ohun tí a fọwọ́ gé padà. Wọ́n wọ inú ètò tẹlifíṣàn náà, wọ́n pa á. Ọ̀dọ́kùnrin náà bi mí bóyá kí òun kúkú gbé fáìlì jáde ní férémù 12 kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣàn tó ń dá àwòrán ṣe yóò rí àlàfo tó tún fẹ̀ sí i láti dí, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró mẹ́ta tó wà láti 105 dé 107 kò ní rí ibi wọ̀. Kó fi í sí 24, kó má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni yí i sí 30. Tí wọ́n bá yí i, fọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò gba férémù méjì àti ààbọ̀, èyí tí kò ṣeé ṣe, ìyẹn ni pé àwọn kan á gba méjì, àwọn kan á gba mẹ́ta, ìrìn ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí tiro níbi tí a kò ní kó tiro.